R² yín lè dáa kí kọ́ọ̀fù yín má dáa: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tá a bá ń fi sípẹ́kítírò wọn irin nínú omi

Bàbá onílé kan lápá Àpáta gbé omi bóhóòlù ẹ̀ wá sí lábù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn níbí, ó ní aṣọ funfun tí wọ́n bá ti fi omi ọ̀hún fọ̀, ńṣe ló máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwọn ayálégbé sì ti ń ráhùn. Ó fẹ́ mọ iye irin tó wà ńbẹ̀. Ọmọ àítì tó wà lọ́dọ̀ wa ló ṣe iṣẹ́ náà, ọmọ tó máa ń fara balẹ̀ ni o, ó ṣe sítándáàdì ẹ̀, ó ya kalibréṣọ̀n kọ́ọ̀fù, ó sì kọ 0.28 mg/L sílẹ̀. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà ò fẹ́ kí irin ju 0.3 mg/L lọ, torí náà lórí ìwé, omi bàbá pásì. Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn ni ò jẹ́ kí n buwọ́ lù ú. Mo bi í pé ṣé kọ́ọ̀fù ẹ̀ tọ́, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ó tọ́ dáadáa, R² ẹ̀ 0.9986 ni." R² ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ìlà ṣe sún mọ́ àwọn àmì tó, tó bá sì ti ń sún mọ́ 1, àwọn èèyàn á ní ó dáa. Ìdáhùn yẹn gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́, àìmọye èèyàn ni mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, títí kan àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Kí gbogbo wa lè jọ máa lọ, fẹnántírólíìnì ló lò, bí ọ̀pọ̀ lábù ṣe ń ṣe é. Ẹ máa kọ́kọ́ fi háídírọ́sílámíìnì sọ gbogbo irin oní-3+ di oní-2+, torí oní-2+ nìkan ló ń fún wa ní àwọ̀ tá a ń wá, ẹ ó wá fi sódíọ́ọ̀mù ásítéètì gbé píéèṣì ẹ̀ kúrò nínú ásíìdì tó le, lẹ́yìn náà ni fẹnántírólíìnì á wọlé. Mẹ́ta nínú fẹnántírólíìnì ló máa ń dì mọ́ irin kan ṣoṣo, omi á wá pọ́n bí ọsàn tó ti pọ́n, ẹ ó fún un ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí àwọ̀ yẹn jáde tán, kẹ́ ẹ tó kà á ní 510 nm. Sítọ́ọ̀kù ẹ̀ 100 mg/L ni, ìyẹn férọ́ọ̀sì amóníọ́ọ̀mù sọ́féètì 0.7022 g nínú lítà kan pẹ̀lú sọ́fúríìkì ásíìdì díẹ̀. Ó fi pípẹ́ẹ̀tì fa 0.5, 1, 2, 3 àti 4 mL nínú ẹ̀ sínú fúláàsìkì 50 mL, ìyẹn fún un ní 1, 2, 4, 6 àti 8 mg/L, ó sì ní bùláńkì kan tí gbogbo kẹ́míkà wà nínú ẹ̀ àfi irin. Gbogbo ìyẹn dáa, mi ò lẹ́jọ́ kankan ńbẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rọ kà rèé: bùláńkì 0.000, 1 mg/L kà 0.198, 2 kà 0.394, 4 kà 0.778, 6 kà 1.140, 8 kà 1.459. Ìlà tí kọ̀ǹpútà fà gba àárín wọn ní sílóòpù 0.1835, ó sì gé ìlà ìdúró ní 0.019. Omi bàbá kà 0.070. Ẹ yọ 0.019 kúrò nínú 0.070, ẹ pín in pẹ̀lú 0.1835, 0.28 ló máa jáde lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo 0.019 yẹn dáadáa. Bùláńkì fúnra ẹ̀ kà 0.000, kí ló wá dé tí ìlà ń sọ pé omi tí ò ní irin kankan yẹ kó kà 0.019? Ìlà yẹn ò gba ibi tí àwọn àmì wà nísàlẹ̀ kọjá. Fún omi tó kà 1.2, ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ fún omi tó kà 0.070, ó ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò dípò R² ni àṣẹ́kù, ìyẹn iye tí ẹ̀rọ kà yọ iye tí ìlà sọ pé ó yẹ kó kà, fún sítándáàdì kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá kó kọnsẹntiréṣọ̀n sí A2 dé A7, tẹ́ ẹ kó ohun tí ẹ̀rọ kà sí B2 dé B7, ẹ ò nílò ju èyí lọ. Ìlà àkọ́kọ́ á wà nínú E2, ìkejì nínú E3, ìkẹta nínú C2 kẹ́ ẹ wá fà á wálẹ̀:

```
=SLOPE(B2:B7,A2:A7)
=INTERCEPT(B2:B7,A2:A7)
=B2-($E$2*A2+$E$3)
```

Nínú iṣẹ́ ọmọ wa, àṣẹ́kù jáde báyìí látòkè délẹ̀: −0.019, −0.005, +0.008, +0.025, +0.020, −0.028. Ẹ má wo bí wọ́n ṣe kéré tó, ẹ wo àmì iwájú wọn. Nísàlẹ̀ wọ́n jẹ́ yíyọ, láàárín wọ́n jẹ́ àròpọ̀, lókè pátápátá wọ́n tún padà di yíyọ. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ló gbọ̀n díẹ̀ nídìí pípẹ́ẹ̀tì, àròpọ̀ àti yíyọ á dà pọ̀ mọ́ra wọn láìní ètò, àmọ́ tí wọ́n bá tò bí ọrun tí wọ́n fà báyìí, ohun tẹ́ ẹ kà ti tẹ̀, ẹ̀yin lẹ wá fipá fi ìlà tó tọ́ sórí ẹ̀. R² ò lè rí èyí torí pé ohun tó ń wò ni bóyá àṣẹ́kù kéré tá a bá fi wé gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láti 0 dé 1.459, ìyàtọ̀ yẹn sì tóbi débi pé ó máa ń bo irú àṣìṣe yìí mọ́lẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni kéèyàn rí i pé ó tẹ̀, kó kàn pa àmì tó wà lókè rẹ́, kó máa bá tiẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó tẹ̀ ẹ́. Nínú irin pẹ̀lú fẹnántírólíìnì, nǹkan méjì ni mo máa ń fura sí. Èkíní ni pé fẹnántírólíìnì ò tó. 1 mL nínú èyí tó jẹ́ 0.1% ò lè gbé ju nǹkan bíi máíkírógíráàmù 100 irin lọ, bẹ́ẹ̀ fúláàsìkì 50 mL tó jẹ́ 8 mg/L ní máíkírógíráàmù 400 nínú, torí náà ẹni tó bá fi 2 mL sí gbogbo fúláàsìkì, kọ́ọ̀fù ẹ̀ á tọ́ títí dé 4 mg/L, á wá sùn lélẹ̀ látibẹ̀ lọ, torí irin tó kù ò rí ẹni dì mọ́. Èkejì ni ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, pàápàá ẹ̀rọ tó ti gbó: ìmọ́lẹ̀ tí kì í ṣe 510 nm yọ́ wọlé, ó bọ́ sójú ẹ̀rọ tó ń kà láìjẹ́ pé omi wa gbé e mì. Ìmọ́lẹ̀ àṣáko yìí ò jọ nǹkan nígbà tí omi ò tíì pọ́n púpọ̀, àmọ́ tí omi bá ti pọ́n gan-an, tí ìmọ́lẹ̀ tòótọ́ tó ń kọjá kù bíi 2.5% péré, 1% tó bá yọ́ wọlé á sọ 1.6 tó yẹ kẹ́ ẹ kà di nǹkan bíi 1.46.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ ò le. Ẹ tún sítándáàdì 8 mg/L ṣe nínú fúláàsìkì míì, ẹ sọ fẹnántírólíìnì ẹ̀ di ìlọ́po méjì. Tó bá gòkè ju ti tẹ́lẹ̀, kẹ́míkà ni ò tó. Tí ò bá gòkè, ẹ mú 8 mg/L tó ti pọ́n tẹ́lẹ̀ yẹn, ẹ fi omi dìstíìlì là á sí méjì gééré, kẹ́ ẹ kà á. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe é, á kà ju ìdajì lọ, torí pé ńṣe lẹ gbé e kúrò níbi tí ẹ̀rọ ti ń parọ́. Tiwa ò gòkè nígbà tá a fi fẹnántírólíìnì kún un. Ìdajì 1.459 sì jẹ́ 0.730, àmọ́ ohun tá a là yẹn kà 0.778, ohun kan náà tí sítándáàdì 4 mg/L kà. Ẹ̀rọ ni. Ìgbà yẹn la tó ní ẹ̀tọ́ láti pa 6 àti 8 rẹ́, a sì kọ ìdí ẹ̀ sínú ìwé lábù.

Pẹ̀lú 0, 1, 2 àti 4 nìkan, sílóòpù di 0.1943, ó gé ìlà ìdúró ní 0.002, àṣẹ́kù tó pọ̀ jù ò ju 0.003 lọ. Omi bàbá, 0.070 kan náà tí ò yí padà, wá jáde ní 0.35 mg/L. Ó ti kọjá 0.3.

Ọmọ wa bi mí pé ṣé òun ò kúkú lè fipá mú ìlà gba òdo kọjá, kí 0.019 yẹn lè lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Pẹ̀lú àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìlà tẹ́ ẹ fipá mú gba òdo á ní sílóòpù 0.1869, omi bàbá á sì jáde ní 0.37, ó sún mọ́ 0.35 lóòótọ́, èyí gan-an ló máa ń tan èèyàn. Ẹ fi sítándáàdì 2 mg/L fúnra ẹ̀ dán an wò: 0.394 pín sí 0.1869 jẹ́ 2.11. Títẹ̀ yẹn ò lọ síbì kankan, ẹ kàn tì í lọ sáàárín ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni `LINEST` máa ń ṣírò R² lọ́nà míì tẹ́ ẹ bá ti ní kó gba òdo kọjá, nọ́ńbà yẹn sì lè ga sí i láìjẹ́ pé nǹkan kan dáa sí i, ẹ má fi wọ́n wéra.

Ohun kan tún wà tí títọ́ ìlà ò lè sọ fún yín láéláé, ìyẹn ni bóyá sítọ́ọ̀kù yín péye. Tẹ́ ẹ bá wọn iyọ̀ yẹn kù ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, gbogbo sítándáàdì á kù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà á tọ́ bí okùn tí kápẹ́ńtà nà, R² á jẹ́ 0.9999, gbogbo omi tẹ́ ẹ bá sì fi wọ̀n á jáde jù bó ṣe yẹ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń wo sílóòpù fúnra ẹ̀. Irin pẹ̀lú fẹnántírólíìnì ní ágbára gbígba ìmọ́lẹ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀, nǹkan bíi 11,100 fún móòlù kan nínú lítà kan nínú kufẹ́ẹ̀tì 1 cm, ẹ pín in pẹ̀lú 55,845 tó jẹ́ mílígíráàmù irin nínú móòlù kan, ẹ máa rí nǹkan bíi 0.199 fún mg/L kọ̀ọ̀kan. Tiwa jẹ́ 0.194, ó sún mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ 0.17 ni, mi ò bá ti da sítọ́ọ̀kù yẹn nù, bí ìlà náà ṣe wù kó tọ́ tó. Sítándáàdì kan látinú ìgò míì, tẹ́ ẹ máa kà bíi pé omi oníbàárà ni, tún dára ju ìṣírò yìí lọ tẹ́ ẹ bá ní in.

A ò tíì fún bàbá ní 0.35 yẹn o, torí pé 0.070 ṣì wà lábẹ́ sítándáàdì tó kéré jù lọ tó kà 0.198, kò sì bójú mu kí omi wa wà níbi tí a ò fi àmì kankan sí yàtọ̀ sí bùláńkì. A la sítọ́ọ̀kù sí 10 mg/L, a fa 0.5, 1, 2 àti 3 mL sínú 50 mL, ìyẹn 0.1, 0.2, 0.4 àti 0.6 mg/L, a sì lo kufẹ́ẹ̀tì 5 cm kí ohun tá à ń kà lè tóbi ní ìlọ́po márùn-ún. Omi bàbá bọ́ sáàárín 0.2 àti 0.4, àṣẹ́kù dà rú láìní ètò bó ṣe yẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta la kà á, 0.35 mg/L ló ń jáde. Ìyẹn la kọ sínú ìwé tá a fún bàbá, a sì ya èyí tó ní 0.28 dànù kí ọwọ́ ẹlòmíì má bàa tẹ̀ ẹ́.