Abẹ́ tó ń kú tipiri lẹ́yìn ọkọ̀ wíwà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Dírẹ́bà ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde sí Ọjọ́ta ni mò ń ná. Tó bá ti di ọ̀sán, àárín ẹpọ̀n àti ihò ìdí mi á kú tipiri, á sì máa ta bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń gún mi. Mo ti mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí títí, kò lọ.

Ìdáhùn: Ẹ dá àgbo yẹn dúró ná. Jẹ̀díjẹ̀dí a máa mú ẹ̀jẹ̀ wá, a máa yún èèyàn, ẹran sì lè yọ lẹ́nu ihò ìdí, ṣùgbọ́n kì í sábà mú kí ibẹ̀ kú tipiri. Ohun tí mo fura sí ni iṣan ìmọ̀lára kan tí ìjókòó ń tẹ̀ mọ́ egungun. Láti ìsàlẹ̀ egungun ẹ̀yìn ló ti wá, ó gba ọ̀nà tóóró kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun tí a fi ń jókòó, lẹ́yìn náà ló pín: ẹ̀ka kan fún ihò ìdí, ọ̀kan fún ibi tí ẹ ń wí yẹn, ọ̀kan fún okó. Nítorí náà bí okó náà bá ń kú tipiri díẹ̀, ẹ má sáré lọ ra oògùn ọkùnrin. Ibi kan náà ló ti wá.

Ẹ wò ó báyìí. Lọ́jọ́ tó bá ń dùn yín, ẹ jókòó sórí àwo ilé ìgbẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó wá bọ́ sórí àga lásán. Lórí àwo, àárín abẹ́ yín kò kan nǹkan kan. Bí ara bá tù yín níbẹ̀, tí ìrora sì padà lórí àga, a jẹ́ pé títẹ̀ ni. Ìrora rẹ̀ a máa rọlẹ̀ téèyàn bá dìde tàbí dùbúlẹ̀, kì í sì sábà jí èèyàn lóru. Bí tiyín bá ń jí yín lóru, tàbí tí ìtọ̀ ń ta yín, ẹ jẹ́ kí dókítà wá nǹkan mìíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìkúùkù tẹ àárín ìjókòó ọkọ̀ yín dáadáa.

Ìbéèrè: Mo tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi kan irin! Mo wá ra rọ́bà onífẹ́ẹ́fẹ́ tó ní ihò roboto láàárín, ṣùgbọ́n ńṣe ló burú sí i.

Ìdáhùn: Rọ́bà roboto yẹn kò dáa fún irú èyí. Ẹran abẹ́ á wọ inú ihò rẹ̀, á sì máa fà sísàlẹ̀, etí rọ́bà náà á tún máa tẹ̀ yín yíká. Ohun tí ẹ fẹ́ ni pé kí egungun ìdí méjèèjì gbé yín, kí àárín má kan nǹkan.

Ẹ kọ́kọ́ ní kí oníṣẹ́ ìjókòó ọkọ̀ pààrọ̀ fóòmù tó ti tẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà kí ó gé fóòmù líle, kó nípọn tó ínṣì mẹ́ta, kó sì la ọ̀nà kan sí àárín rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta sí mẹ́rin. Fóòmù rírọ̀ kò wúlò, torí tí ẹ bá jókòó lé e, ọ̀nà àárín yẹn á dí. Láti mọ̀ bóyá ó bá yín mu, ẹ jókòó, kí ẹ ki ọwọ́ gba iwájú bọ àárín: ó yẹ kó ráàyè wọlé. Fóòmù yìí á gbé yín ga, torí náà ẹ tún ìjókòó tò kí ẹsẹ̀ yín tẹ búrééki dáadáa.

Ṣùgbọ́n fóòmù nìkan kò tó. Tí ẹ bá dé oríta Ṣàgámù, ẹ wá ibi tí ewu kò sí, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ rìn díẹ̀, kódà bí èrò bá ń kùn. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Bẹ́ẹ̀jà, nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ fi ọwọ́ tẹ ìjókòó kí ẹ gbé ìdí sókè díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìgbẹ́ gan yín, torí fífún-ara ní ilé ìgbẹ́ náà ń fa iṣan yìí. Àwọn kan á ní kí ẹ máa fún ìdí bí ẹni ń dá ìtọ̀ dúró. Ẹ má tíì ṣe é, ó lè mú kó le sí i. Iṣan kì í tètè sàn: ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kí ẹ fún un. Bí kò bá yí padà, àwọn dókítà ní oògùn iṣan àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n lè gún síbẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ mi tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ìpérú lọ sí Ìlíṣàn náà ń ráhùn bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn: Imú ìjókòó kẹ̀kẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́. Kó rẹ imú náà wálẹ̀ díẹ̀, kó rẹ ìjókòó sílẹ̀ bí ìdí rẹ̀ bá ń yí sọ́tùn-ún sósì nígbà tó ń wa kẹ̀kẹ́, kó sì máa dìde lórí pẹ́dà lóòrèkóòrè. Bí kò bá tó, kó ra èyí tó fẹ̀ lẹ́yìn tó sì ní ihò láàárín. Tí ibẹ̀ bá ti kú tipiri, kó sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀kan ló wà tí kò gba àyẹ̀wò fóòmù, ẹ̀yin méjèèjì ni mo ń bá wí. Bí gbogbo ìdí àti abẹ́ bá kú lójijì, tí ìtọ̀ kò wá mọ́, tí ìgbẹ́ ń bọ́ láìmọ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ, egungun ẹ̀yìn ni ó lè ti wá. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ wọ ọ̀dọ̀ àwọn pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Ṣàgámù tàbí Ìlíṣàn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ibi ìjókòó ti kú tipiri.