Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí ìdánwò bá bọ́ sí ìdájí ní Òṣogbo: ṣé ọkọ̀ áàpù ni àbí kòròpé?

Àbúrò mi kan wá láti Ìwó lọ́dún tó kọjá. Ìdánwò Jáǹbù ló fẹ́ ṣe, wọ́n sì fi í sí ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Òkè-Baálẹ̀, ibi tí kò dé rí láyé rẹ̀. Lọ́dọ̀ mi ní Ògo-Olúwa ló sùn. Ní nǹkan bí aago 8 alẹ́, ó ṣí áàpù ọkọ̀ lórí fóònù rẹ̀, ó rí ọkọ̀ mẹ́rin tó ń yí ká àdúgbò wa. Áàpù ní ìṣẹ́jú 3 ni èyí tó sún mọ́ wa jù yóò fi dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti parí." Èmi náà sì fọkàn balẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ ṣàṣìṣe yẹn, mi ò ní dá a lẹ́bi nìkan.

Ẹ má fi ọkọ̀ alẹ́ díwọ̀n ọkọ̀ ìdájí

Áàpù kò parọ́ fún wa. Ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ ní aago 8 alẹ́ ló fi hàn wá, àwọn awakọ̀ yẹn sì ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di aago 5:30 ìdájí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ti pa áàpù tiwọn. Owó tí ẹ rí lálẹ́ náà lè máà jẹ́ owó tí ẹ máa bá láàárọ̀, torí bí èrò bá ti pọ̀ ju ọkọ̀ lọ, owó a gòkè.

Àwọn kan á ní àwọn ti yan aago tí ọkọ̀ máa wá lórí áàpù láti alẹ́. Ó dáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í tíì sí awakọ̀ kankan tó mọ̀ nípa yín lálẹ́ yẹn. Ìgbà tí aago yín bá kù díẹ̀ ni áàpù ń tó wá ẹni tó máa gbé yín, bí ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, lọ́jọ́ kan náà, ní aago kan náà, ẹ ṣí áàpù, ẹ tẹ ibi tí ẹ ń lọ sí i, kí ẹ wo iye ọkọ̀ tó wà nítòsí àti owó tó ń pè. Ẹ má tíì pe ọkọ̀ o. Tó bá jẹ́ Sátidé ni ìdánwò yín, Sátidé ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ìdájí Sátidé àti ti Ọjọ́ Ajé kò rí bákan náà ní Òṣogbo.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí fún wa. Aago 5:40 la tẹ áàpù. Ó tó ìṣẹ́jú 7 kí awakọ̀ kan tó gbà. Ó pè wá: "Níbo lẹ ń lọ? Ṣé káàṣì ni àbí tíránsífà?" A ní Òkè-Baálẹ̀, tíránsífà. Ó ní ó dáa. Àwòrán ọkọ̀ rẹ̀ kò kúrò ní Òkè-Fíà. Ìṣẹ́jú 3 kọjá, ìṣẹ́jú 5 kọjá, kò sún. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé àwa ló ń dúró dè pé ká fagi lé e, torí bí òun bá ń fagi lé èrò, ó lè ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lórí áàpù. Bí awakọ̀ bá ti béèrè ibi tí ẹ ń lọ àti irú owó tí ẹ máa san, tí àwòrán ọkọ̀ rẹ̀ kò sì sún láàárín ìṣẹ́jú 3, kò ní wá. Ẹ jáde lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ẹ má fi owó nìkan wé owó

Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé ọkọ̀ áàpù gbówó lórí, kòròpé rọjú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ẹ fi wé ara wọn ni aago tí ẹ máa mọ̀ pé èyí tí ẹ yàn ti já yín kulẹ̀.

Ojú ni ẹ fi ń rí ti kòròpé. Kì í lọ láìkún, èrò ìdájí sì kéré, torí náà ibi tí ẹ ti máa jókòó dúró ni àkókò yín ti ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ lè ra ìjókòó tó kù: "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, màá san ti èèyàn méjì." Ohun tó gbà wá nìyẹn lábẹ́ afárá Ọláìyá. Ti áàpù kò rí bẹ́ẹ̀. Títí ẹ fi máa fagi lé e fúnra yín, ńṣe ni ẹ rò pé ọkọ̀ ń bọ̀.

Torí náà, ẹ kà á láti ẹ̀yìn. Aago 6:30 ni wọ́n kọ sí ìwé àbúrò mi fún àyẹ̀wò; ìdánwò gan-an di aago 8. Ẹ yọ ìṣẹ́jú 15 láti géètì dé gbọ̀ngàn, torí wọ́n lè dá ọkọ̀ dúró ní géètì, ẹsẹ̀ lẹ máa fi wọlé. Ó ku 6:15. Ẹ yọ ìṣẹ́jú 30 fún ìrìn inú ọkọ̀ méjì: Ògo-Olúwa sí Ọláìyá, Ọláìyá sí Òkè-Baálẹ̀. Ó ku 5:45. Ẹ yọ ìṣẹ́jú 20 fún ìdúró kí ọkọ̀ méjèèjì kún. Aago 5:25 ló yẹ ká ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. A jẹ́ pé aago 5 ló yẹ ká tẹ áàpù, kí a sì pa á tì ní 5:20 bí a kò bá tíì jókòó sínú ọkọ̀. Aago 5:40 la bẹ̀rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní awakọ̀ yẹn wá, a ò bá ṣì pẹ́.

A dé géètì ní 6:51. Ìlà àyẹ̀wò gùn débi pé wọn kò tíì ti ilẹ̀kùn. Oríire ni, kì í ṣe ọgbọ́n.

Ẹ má tẹ "yunifásítì" lásán

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà ní Òṣogbo, Òkukù, Ìkirè, Èjìgbò, Ìfẹ́tẹ̀dó àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ìlú tó wà nínú àdírẹ́sì ìwé ìdánwò ni kí ẹ fi ojú wò, kì í ṣe orúkọ ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Fún awakọ̀ kòròpé, ẹ pe orúkọ àdúgbò àti géètì. Fún áàpù, ẹ fa àmì ibi ìdúró náà wá sí ẹnu géètì fúnra yín, kí ó má lọ dúró sí àárín igbó ọgbà náà. Bí ẹ bá sì ń pe ọkọ̀ ní Ọláìyá, ẹ sọ fún awakọ̀ pé abẹ́ afárá lẹ wà. Lójú máàpù, ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà nísàlẹ̀ jọ dúró sójú kan ni.

Ìrìn àbọ̀ la gbàgbé pátápátá. Jáǹbù kì í jẹ́ kí fóònù wọ gbọ̀ngàn, nítorí náà ọwọ́ mi ni fóònù rẹ̀ wà, mo sì ti gba ibi iṣẹ́ lọ. Nígbà tó jáde, kò ní áàpù, kò ní nọ́ńbà mi lórí, owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì gbé e kọjá Ọjà-Ọba. Láti Ọjà-Ọba ló ti fẹsẹ̀ rìn dé Ọláìyá nínú oòrùn, tó ń béèrè Ògo-Olúwa lọ́wọ́ gbogbo oníkẹ̀kẹ́.