Ẹran màlúù tó yi

Ẹ̀yin ìyá àti àbúrò wa ní Kétu, ojúgun màlúù àgbà tí ẹ bá rà lọ́jà, inú ìkòkò onídèérí dídè tó ń súfèé ni kí ẹ sè é sí. Kọ́lájìn ló mú un yi, ìyẹn okùn líle tó so ẹran pọ̀. Ooru àti omi ló ń tú u di jẹlatíìnì, ohun tó ń mú omi ẹran dì bó bá tutù. Bó ti wù kí iná pọ̀ tó, omi inú ìkòkò lásán kì í gbóná kọjá nǹkan bí 100°C. Ṣùgbọ́n bí ooru omi ò bá ráyè jáde, ó lè gbóná tó 120°C, kọ́lájìn á sì tètè tú. Ẹran tó ń gba wákàtí 3 lè jinná láàárín ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí 1. Bó bá ti súfèé, ẹ dín èédú kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i títí ìfúnpá inú rẹ̀ á fi lọ tán. Bí ọ̀bẹ ò bá wọlé wẹ́rẹ́, kọ́lájìn ò tíì tú tán, ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú 10. Àyà adìẹ kò ní kọ́lájìn púpọ̀ ní tirẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ níbẹ̀.