Bí mo ṣe gba lẹ́tà Ìyá Onírẹsì kúrò lẹ́nu akéde

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, Ìyá Onírẹsì wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi l'Ádó-Èkìtì, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé. Ó gbé fóònù síwájú mi, ó ní kí n bá òun wo lẹ́tà tí òun ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà òun lóṣooṣù lórí Wasáàpù. Ìrẹsì Ìgbẹmọ ló ń tà, pẹ̀lú èlùbọ́ àti epo pupa. Àwọn tó ń kọ̀wé sí tó 180.

"Ọmọ mi, oṣù kẹjọ rèé. Wọ́n ń kà á o, mo ń rí àmì búlúù. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fèsì. Àbí mo ṣẹ̀ wọ́n ni?"

Mo ka lẹ́tà náà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

"Àwa alákòóso ilé-iṣẹ́ yìí ń fi tayọ̀tayọ̀ kí gbogbo ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n kú oríire oṣù tuntun. A fẹ́ fi àsìkò yìí tó yín létí pé àyípadà díẹ̀ ti dé bá iye owó àwọn ọjà wa nítorí ìdí tó kọjá agbára wa. Ìtẹ́lọ́rùn yín ni àfojúsùn wa."

Alákòóso wo? Òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń bá a gbé àpò ni gbogbo ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọ iléèwé kan ládùúgbò ló bá a kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ bí ẹni ń ka ìkéde òkú lórí rédíò. "Àyípadà díẹ̀" tó pè é yẹn, owó ló gun òkè. Kò sọ iye tó jẹ́, kò sọ ọjà tó kàn, kò sì sọ ohun tó fà á.

Ohun tó jẹ́ kí lẹ́tà náà burú ju bó ṣe yẹ lọ ni ọ̀nà tó ń gbà dé ọwọ́ èèyàn. Kì í ṣe inú gúrúùpù ló ń sọ ọ́ sí. Orúkọ àwọn oníbàárà ló tò jọ sójú kan nínú fóònù, Wasáàpù ò sì ní í jẹ́ kí irú ìtòjọ bẹ́ẹ̀ kan ju 256 lọ. Tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ kálukú, àfi ẹni tí kò bá tíì fi nọ́ńbà Ìyá Onírẹsì pamọ́ sínú fóònù tirẹ̀, tí kò ní í rí i rárá. Ẹni tó gbà á ò rí orúkọ ẹlòmíì níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, òun àti Ìyá Onírẹsì nìkan ló ń sọ̀rọ̀, nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti jọ sọ ti kóńgò méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí onítọ̀hún wá bá "gbogbo ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n" pàdé níbẹ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn jókòó tì ọ́ lórí bẹ́ǹṣì, tó wá gbé gbohùngbohùn sẹ́nu láti kí ọ.

Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tún un kọ, mo sì rò pé mo ṣe bẹbẹ. Mo fi àwàdà sí i, mo ní ìrẹsì "ń jó bàtá nínú ìkòkò". Ó kà á tán láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wò mí.

"Ẹnu ta nìyí?"

Ẹnu mi ni. Mo ti yọ akéde kúrò, mo wá fi ara mi rọ́pò rẹ̀. Obìnrin tí kì í dá àpárá tó bá ń wọn ọjà ni mo sọ di aláwàdà.

Nígbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe. Mo lọ jókòó ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo ní kó yan oníbàárà kan ṣoṣo lọ́kàn. Ó mú tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ti Ìjerò wá rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ká ní tíṣà ló dúró síbí yìí, tí wọ́n wá bèèrè ìdí tí ìrẹsì fi wọ́n, kí lẹ máa sọ?" Mo tan ìgbohùnsílẹ̀ fóònù mi, mo gbé e sórí àpótí.

Kò dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó tú ẹnu àpò kan, ó ti apá bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ó bu ìrẹsì láti àárín gbùngbùn, ó gbé e sí mi nímú. Ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ. Ó ju hóró kan sẹ́nu. "Èyí tó bá gbẹ, wàá gbọ́ 'kà' tóo bá gé e jẹ. Èyí kàn rún ni. Òjò ò jẹ́ kí wọ́n rí oòrùn sá a lẹ́yìn tí wọ́n bọ̀ ọ́. Wọ́n fẹ́ kí n rà á lówó pọ́ọ́kú. Tí mo bá tà á fún tíṣà, tó bá fi máa lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé wọn, á ti bu. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n?"

Lẹ́tà ti dé nìyẹn. Ohun tó kù fún mi ni kí n má bà á jẹ́.

Mo tẹ gbogbo ohun tó sọ jáde bó ṣe sọ ọ́, kò sì ṣeé kà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ń fi ọwọ́ àti ojú ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ní "èyí kàn rún ni", mo rí hóró náà. Tíṣà tó wà n'Íjerò ò rí nǹkan kan. Nítorí náà, níbikíbi tó bá ti nàka, mo fi orúkọ ohun tó nàka sí síbẹ̀. Ibi tó bá ti sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mẹta, mo mú èyí tó lágbára jù. Ṣùgbọ́n mi ò pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kankan sí èyí tó dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wá lé "àwa" jáde. Gbogbo "a fẹ́" di "mo fẹ́". "Ẹ" ló kọ́kọ́ dà bí ìṣòro, nítorí pé ẹ tí à ń kí àgbà kan náà ni ẹ tí à ń kí ogun èèyàn. Àṣé àǹfààní ni. Ẹni tó bá dá kà á á gbà á bí ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ohun tó ń tú àṣírí pé èrò la ń bá sọ̀rọ̀ ni "gbogbo yín", "ẹnikẹ́ni nínú yín" àti "ẹ̀yin oníbàárà". Mo pa wọ́n rẹ́. Mo bi í léèrè nípa àwọn ìyàwó kéékèèké tó wà nínú àwọn 180 náà, àwọn tó tó bí lọ́mọ. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi ni wọ́n, àmọ́ ẹ ni mo ń kí wọn tí wọ́n bá ti mówó dání."

A jà díẹ̀ lórí ẹ̀ka èdè. Ẹnu Èkìtì ló fi sọ gbogbo rẹ̀, "ulé", "uṣu", "uyán", mo sì fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà. Nígbà tó fúnra rẹ̀ kà á sókè, ó ń kọsẹ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ láti kékeré. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kan sì wà n'Íbàdàn àti l'Ékòó. Ọ̀rọ̀ Èkìtì kan ṣoṣo la fi sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tó jáde nìyí:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìrẹsì ọdún tó kọjá tó kù lọ́wọ́ mi ò ju àpò mẹ́rin lọ. ₦200 ló lé lórí kóńgò kan láti ọjọ́ Ajé.

Àwọn tó ní ìrẹsì nípamọ́ n'Ígbẹmọ mọ̀ pé tuntun ò tíì gbó, ni wọ́n ṣe gbówó lé e. Èyí tó pọ́ọ́kú wà o, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀, ṣùgbọ́n òjò ò jẹ́ kó gbẹ. Mo ti apá bọ àárín àpò kan lánàá, ó ń rùn. Tí mo bá tà á fún yín, á bu mọ́ yín lọ́wọ́.

Iye tí ẹ mọ èlùbọ́ sí náà ló ṣì wà. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ sọ iye kóńgò tí ẹ fẹ́ fún mi kí ẹ tó kúrò ní ulé."

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ èyí, ìsàlẹ̀ pátápátá ni owó wà, lẹ́yìn ìtàn àpò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin la kọ́kọ́ kà á fún. Kò jẹ́ ká dé àárín tó fi ní, "Eélòó wá ni?" Bí owó ṣe bọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ nìyẹn, níbi tí èèyàn ti máa rí i kó tó ṣí lẹ́tà rárá. Ẹni tó bá ti mọ iye rẹ̀ á ní sùúrù gbọ́ ìdí rẹ̀.

Èsì 31 ló wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀pọ̀ wọn ò ju "mẹ́ta" tàbí "márùn-ún, mò ń bọ̀ ní Sátidé". Ìlà tó gbẹ̀yìn lẹ́tà yẹn ló ṣe é, ó rọrùn láti dáhùn. Tíṣà bi í bóyá oòrùn wà n'Ígbẹmọ báyìí.

Ibi tí mo ti ṣubú ni lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìrẹsì tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó ti wọ̀ mí lẹ́wù pé ẹnì kan là ń kọ̀wé sí, ni mo bá fi gbólóhùn kan sí i: "Mo ti yọ kóńgò mẹ́rin pamọ́ fún yín nínú èyí tó kọ́kọ́ dé." Ó rẹ ìyá lọ́jọ́ náà, wọ́n kàn mi orí ni. Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń lọ ìjọ kan náà wá gba kóńgò mẹ́rin mẹ́rin tiwọn. Èkínní gbé fóònù jáde láti fi hàn pé wọ́n ṣèlérí fún òun. Èkejì náà gbé tirẹ̀ jáde. Wọ́n fi ojú kan ojú, wọ́n wá jọ kọjú sí Ìyá Onírẹsì. Nínú ooru ọ̀sán yẹn, mo rí obìnrin tí kì í parọ́ tó ń wá ọ̀rọ̀ tì.

Ó ta kóńgò mẹ́rin fún ìkọ̀ọ̀kan wọn, ó bu ènì sí i, ó wá wá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo. Ó ní kí n kà á fún òun ní iye kóńgò tó máa jẹ́ tí èèyàn 180 bá wá gba mẹ́rin mẹ́rin. 720 ni.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá kọ lẹ́tà tán, mo máa ń ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé àwọn obìnrin méjì yẹn ló ń kà á fún ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "Ó ń rùn" dúró níbẹ̀. "Ìrẹsì ò ju àpò mẹ́rin lọ" dúró. "Mo rántí yín lánàá" ò dúró, mo yọ ọ́. Ohùn lè jẹ́ ti ẹnì kan sí ẹnì kan, ṣùgbọ́n ìlérí inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé san fún gbogbo àwọn 180.

Oṣù kọkànlá, kò tiẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ohùn ló fi ránṣẹ́ sí mi láti ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó ìrẹsì n'Ígbẹmọ. Ẹ̀rọ ń pariwo, ìyá ń pariwo ju ẹ̀rọ lọ: oòrùn ti wà, ìrẹsì ti ń dún "kà", owó ti já ₦150. Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Èébú tó bú ẹni tó ń yí ẹ̀rọ nìkan ni mo yọ.