Wọ́n pa ilà pélé ìyá àgbà rẹ́: bí mo ṣe fọwọ́ ara mi tún fọ́tò rẹ̀ ṣe

Ohun tí ó mú mi fọwọ́ ara mi ṣe iṣẹ́ yìí ni pé ilé fọ́tò kan gba owó gidi lọ́wọ́ mi, wọ́n sì dá ìyá ìyá mi padà fún mi láìsí ilà lójú. Wọ́n ka ilà pélé rẹ̀ mọ́ àpá ara fọ́tò, wọ́n sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Nígbà tí mo bínú, ọ̀gá wọn ní, "Ẹ wò ó bí ojú màmá ṣe ń dán!"

Ti síkánà kò le: 600 dpi, fáìlì TIFF, kí ẹ sì fi àwọ̀ ṣe é bí fọ́tò náà tilẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun. Àbàwọ́n aláwọ̀ ìyeyè máa ń hàn ketekete nínú ìpín àwọ̀ búlúù fáìlì náà, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú ti pupa. Nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi tún fọ́tò náà ṣe, mo lo Colors > Components > Decompose, mo mú ìpín pupa, àbàwọ́n omi orí aṣọ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Mo yangàn díẹ̀.

Àpá tí ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá ni ó dá mi dúró. Ó ti orí gèlè bọ̀, ó gba ẹyinjú òsì, ó sì dábùú ilà pélé náà. Irinṣẹ́ Heal inú GIMP ni gbogbo ènìyàn ń lò, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó ń pò ohun tí ẹ bá kùn mọ́ àwọ̀ ibi tí ó yí i ká. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ti fẹ̀ ju àpá lọ dáadáa, ilà á bá a lọ. Mo gbé fọ́tò gidi sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: ibi tí ó ha ń tàn yàtọ̀, etí rẹ̀ mú ṣáṣá, ó sì funfun torí pé bébà ìsàlẹ̀ ti yọ. Ilà kò tàn bẹ́ẹ̀, òjìji rẹ̀ rọra ń parẹ́ sínú ara ni. Mo wá sọ búrọ́ọ̀ṣì di tín-ín-rín, mo yí sí irinṣẹ́ Clone níbi tí àpá ti dábùú ilà, mo sì ń mú àwọ̀ láti ara ilà kan náà, lókè tàbí nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ó sú mi, ṣùgbọ́n ilà náà dúró pé.

Ti ẹyinjú òsì ni mo fi sílẹ̀. Àwọ̀ ibẹ̀ ti bó tán, kò sí ohun tí a lè tún ṣe níbẹ̀; ẹni tí ó bá ṣe é ń ya ẹyinjú tuntun ni. Àwọn kan á ní kí n da ẹyinjú ọ̀tún kọ sí òdìkejì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ni ìmọ́lẹ̀ ti wá nínú fọ́tò náà, òjìji á sì yí sódì. Mo kàn dín funfun ibẹ̀ kù kí ó má baà gba ojú ẹni.

Orí ẹ̀dà tí ẹ fi Duplicate Layer ṣe ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́, kí ẹ má fọwọ́ kan TIFF àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn èyí tí mo tẹ̀ jáde ni mo kọ ọ́ sí pé gèlè, aṣọ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo tún ṣe, n kò sì fọwọ́ kan ẹyinjú òsì ju kí n dín funfun rẹ̀ kù lọ.