Yìnyín oníyọ̀ àti ihò tó fẹ̀ jù: bí mo ṣe yẹ tẹmómítà mi wò ní Ìkòròdú

Ẹyin 528 ni oníbàárà mi kan kó sínú inkubétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń pa ẹyin, tí mo tún ṣe fún un ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòròdú, ọmọ adìyẹ 143 péré ni ó sì rí níbẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kọkànlélógún tí ó yẹ kí ẹyin máa pa, kò gbọ́ ìró kankan. Ọjọ́ kẹtàlélógún ni àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ èèpo lu, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jáde kò sì lè dìde dúró. Obìnrin náà kò pariwo nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó kàn sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní ooru rẹ̀ ti wà ní dígírì 37.7." Mo san 80,000 náírà fún un, mo sì jókòó ronú. Ẹyin tí ó bá pẹ́ báyìí kí ó tó pa, ooru ni kò tó o. Èmi ni mo fi tẹmómítà ara mi ṣètò ẹ̀rọ náà, nítorí náà, ó ní láti jẹ́ pé tẹmómítà náà ń pe ooru ju bí ó ṣe wà lọ.

Tẹmómítà oníná bátìrì ni, ọ̀pá irin rẹ̀ gùn ní sẹ̀ntímítà 10, ó sì nípọn ní mìlímítà 4. Ó máa ń ka ìdá mẹ́wàá dígírì, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́ fún ọdún méjì láì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan. Mo yá dírái búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ ẹnìkan tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìyẹn àpótí oníná tí irin alumíníọ̀mù tó lu ihò wà láàárín rẹ̀, tí ènìyàn lè gbé ooru irin náà sí iye tí ó bá fẹ́. Tẹmómítà ìfiwéra kan tí ó ní ìwé ẹ̀rí wà pẹ̀lú rẹ̀. Owó ọjọ́ kan jẹ́ 15,000 náírà, mo sì ti pinnu pé ọjọ́ kan náà ni n óò lò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo san, títí di òní ni inú ṣì ń bí mi sí i, nítorí pé méjì nínú ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yìnyín gbé lọ.

Yìnyín tó ń yọ́ máa ń wà ní dígírì òdo, òun ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ fi yẹ tẹmómítà mi wò. Ní ọjọ́ kìíní, mo da omi sínú fùláásìkì, mo fọ́ yìnyín lé e lórí, mo ti ọ̀pá tẹmómítà bọ inú rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀, mo sì dúró. Ó ka 2.1. Mo ti mú bírò láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé tẹmómítà mi fi dígírì méjì lé, nígbà tí ọmọṣẹ́ mi fa ọ̀pá náà sókè díẹ̀ kí ó lè rí nọ́ńbà rẹ̀ dáadáa, tí ó sì bọ́ sí 1.2 lójú wa. Nǹkan kan náà kò lè ní ooru méjì bí ó bá jẹ́ yìnyín tó ń yọ́ ni ó yí ọ̀pá náà ká. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé yìnyín ń léfòó, omi tí ó wà nísàlẹ̀ kò sì sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, nítorí pé ìgbà tí omi bá wà ní nǹkan bí dígírì 4 ni ó máa ń wúwo jù, tí ó sì máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Omi tí kò tíì tutù dé òdo ni mo ń wọ̀n. Ká ní mo gba 2.1 yẹn gbọ́, tí mo sì tún inkubétọ̀ ṣe pẹ̀lú rẹ̀, ooru ìbá ti pọ̀ jù fún ẹyin tí ó kàn, mo sì ti mọ̀ pé ooru àpọ̀jù máa ń yára pa ọmọ inú ẹyin ju òtútù lọ.

Nítorí náà, yìnyín ni ó gbọ́dọ̀ kún fùláásìkì láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ó wẹ́ bí ẹ̀wà, kí omi tí ó wà nínú rẹ̀ má sì ju èyí tí yóò dí àlàfo àárín rẹ̀ lọ. Bí ó bá funfun gbòò, omi kò tó, yìnyín tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fírísà jáde sì lè tutù ju òdo lọ. Bí ó bá ń léfòó, omi ti pọ̀ jù, ẹ sì gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ kúrò. Èyí tí ó dára máa ń ní àwọ̀ eérú díẹ̀, ojú sì máa ń ríran wọ inú rẹ̀.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Mo ra yìnyín ńlá lọ́wọ́ ìyá tí ó ń tà á fún àwọn ẹlẹ́ja ní apá Ẹbúté, a fọ́ ọ wẹ́wẹ́, a sì kì í dáadáa. Ó ka 0.6 lókè, ó ka 0.6 nísàlẹ̀, kò sì yí padà fún ogún ìṣẹ́jú. Orí mi wú. Mo fi tẹmómítà ìfiwéra sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni tí ó kàn fẹ́ kí ẹlẹ́rìí bá òun fọwọ́ sí i, òun sì ka −0.2. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sọ pé àṣìṣe rẹ̀ ní òdo kò tó 0.05. Nǹkan bí wákàtí méjì ni mo fi ń yí bátìrì padà, tí mo ń nu ọ̀pá méjèèjì, tí mo sì ń fọ́ yìnyín tuntun, −0.2 náà ni ó ń kà. Mo ti fẹ́ pe ẹni tí ó yá mi ní ẹrù náà láti sọ fún un pé tẹmómítà rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ọmọṣẹ́ mi ni ó tọ́ omi yìnyín náà wò. Ó ní, "Ọ̀gá, omi yìí níyọ̀." Bohóòlù ni ìyá náà fi ń ṣe yìnyín rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń gbé nítòsí ọ̀sà mọ̀ bí omi bohóòlù kan ṣe máa ń rí. Iyọ̀ máa ń fa ibi tí yìnyín ti ń yọ́ sísàlẹ̀; gíráàmù 3 péré nínú lítà omi kan ti tó láti fà á sí nǹkan bí 0.2 lábẹ́ òdo, a sì lè tọ́ iye yẹn wò ní ẹnu. Fún ẹja, kò burú rárá. Fún èmi tí mo ń wá òdo, ohun tí mo pè ní òdo kì í ṣe òdo.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ìyàtọ̀ àárín tẹmómítà méjèèjì nínú yìnyín oníyọ̀ yẹn, ìyẹn 0.8, tọ̀nà, nítorí pé inú ohun kan náà ni wọ́n jọ wà. Ṣùgbọ́n èyí dúró lórí pé kí tẹmómítà ìfiwéra má tíì ṣìnà láti ìgbà tí wọ́n ti fún un ní ìwé ẹ̀rí. Yìnyín tó mọ́ nìkan ni ó lè bá wa yẹ òun náà wò láì gba ìwé ẹnikẹ́ni gbọ́, mi ò sì fẹ́ tún san owó ẹyin nítorí ohun tí mo gbà gbọ́ láì wò ó.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ra omi tí àwọn oníbátìrì ń lò, èyí tí wọ́n ti sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ padà di omi, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa pé kì í ṣe ásíìdì, mo sì fi í sínú fírísà nínú ike tí a fọ̀ mọ́. Wọ́n mú iná lọ ní aago mẹ́wàá. Epo jẹnẹrétọ̀ di ara owó iṣẹ́ náà. Ní àárọ̀, a fọ́ yìnyín náà nínú àpò tó mọ́, a kò sì fi ọwọ́ kàn án nítorí pé òógùn náà ní iyọ̀, a sì fi omi kan náà dí àlàfo rẹ̀. Tẹmómítà ìfiwéra ka 0.0. Tèmi ka 0.8. Inú mi dùn débi pé mo pe oníbàárà náà lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo fi píọ̀ wọ́tà tó dì dán an wò, 0.0 náà ni ìfiwéra kà. Nítorí náà, ẹni tí tẹmómítà rẹ̀ kò kà ju ìdá mẹ́wàá dígírì lọ kò nílò wàhálà omi bátìrì tí mo ṣe.

Ohun tí yìnyín lè sọ kò ju ti òdo lọ, ẹyin sì ń fẹ́ 37.7, ìdí nìyí tí mo fi nílò búlọ́ọ̀kù. Mo gbé e sí 37.7, mo dúró di ìgbà tí nọ́ńbà ojú rẹ̀ kò yí mọ́ fún ìdajì wákàtí, mo fi tẹmómítà ìfiwéra sínú ihò kan, mo sì fi tèmi sínú èkejì. Ìfiwéra ka 37.7, tèmi ka 38.2. Àṣìṣe ti di 0.5. Mo gbé e dé 50, tèmi sì ka 49.8: ohun tí ó ń fi lé ti di ohun tí ó ń yọ. Ẹni tí ó bá yára yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé tẹmómítà náà ń yí ìwà padà bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i.

Èmi kò yára mọ́. Ṣọ́ọ̀bù wà ní dígírì 31, mo sì rí i pé bí búlọ́ọ̀kù ṣe ń jìnnà sí 31 ni tèmi ń rẹ̀yìn sí i. Ooru ń gba ara ọ̀pá jáde sínú afẹ́fẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni. Ihò náà fẹ̀ ní mìlímítà 8, ọ̀pá mi sì jẹ́ 4, nítorí náà, afẹ́fẹ́ ni ó yí i ká, irin kò kàn án dáadáa. Mo sì tún tì í bọ inú rẹ̀ dé sẹ̀ntímítà 5 péré kí n lè máa rí ojú rẹ̀ kà. Nínú yìnyín, èyí kò ṣẹlẹ̀, nítorí pé omi lẹ̀ mọ́ ọ̀pá náà yíká.

Bàbá tí ó ń fi ẹ̀rọ gé irin ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi bá mi gbẹ́ ọ̀pá alumíníọ̀mù kan tí ó wọ ihò náà ṣinṣin, ó sì lu àárín rẹ̀ ní 4.2. Ó gba 3,000 lọ́wọ́ mi, mi ò sì ná owó kankan tí ó wúlò tó bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnìkan ti gbà mí níyànjú pé kí n da òróró sínú ihò náà dípò rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é, búlọ́ọ̀kù gbígbẹ ni, òróró lè ba inú rẹ̀ jẹ́, ó sì lè rú èéfín bí ooru bá pọ̀. Mo ti tèmi wọlé dé sẹ̀ntímítà 9, mo fa ìfiwéra sókè kí orí méjèèjì lè wà ní ìpele kan náà, mo sì tún dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Ní 37.7, tèmi ka 38.6. Ní 50, ó ka 50.9. Ó fi 0.9 lé ní ibi méjèèjì, ó sì bá 0.8 ti inú yìnyín mu fún tẹmómítà tí kò lè ka ohun tí ó kéré ju ìdá mẹ́wàá dígírì lọ.

Inkubétọ̀ obìnrin náà wà ní 36.8 nígbà náà ní gbogbo ọjọ́ tí ẹyin fi wà nínú rẹ̀. Bí mo bá tún fẹ́ ṣe é, búlọ́ọ̀kù ni n óò yá kẹ́yìn, lẹ́yìn tí yìnyín tó mọ́ bá ti wà nínú fírísà mi, n óò sì wọn ihò rẹ̀ kí n tó san owó. Mo lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀yìn tẹmómítà náà, mo kọ ọjọ́ rẹ̀ àti "38.6 ni 37.7" sí i, mo sì gbé e lọ sí ilé oníbàárà mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta láti tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣètò níṣojú rẹ̀.