Mo sanwó àtúnṣe lásán, tẹlifíṣọ̀n mi ò bàjẹ́ rárá

₦25,000 ni mo kó fún ẹni tó bá mi tú tẹlifíṣọ̀n, ó ní iná ẹ̀yìn ẹ̀ ti ń kú, ó pààrọ̀ ẹ̀, mo gbé e délé, fíìmù HDR tí mo ń wò, irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ lè ga ju ti fíìmù lásán lọ, ṣì ṣókùnkùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí àwọn fíìmù tó kù ń tàn dáadáa, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura.

Níìtì ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ sikirínì, tèmi ò lè kọjá 350. Mo fi MediaInfo, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka àlàyé inú fáìlì fíìmù, yẹ fíìmù náà wò, `Mastering display luminance` sọ pé sikirínì tí wọ́n fi ṣe é ń dé 4000, ṣùgbọ́n `Maximum Content Light Level` tó yẹ kó sọ ibi tó tàn jù nínú fíìmù fúnra ẹ̀, kò sí níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wá gbà pé 4000 ń bọ̀. Kí iná àti àwọsánmà má baà di funfun báláú, ó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kó lè rí àyè fún wọn, òun ni wọ́n ń pè ní tóònù mápíìn. Tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣirò tiẹ̀, àmọ́ ká fi BT.2390, ọ̀kan nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, ṣe àpẹẹrẹ: tí fíìmù bá jẹ́ 4000, sikirínì 350 á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láti nǹkan bíi 100 níìtì, tó bá jẹ́ 1000, ó di nǹkan bíi 200. Ojú èèyàn nínú oòrùn àti aṣọ funfun sábà máa ń wà láàárín ibẹ̀ yẹn! Fíìmù mi yìí, nígbà tí mo wá wọ̀n ọ́n, ibi tó tàn jù ò tó 1000, àyè tí tẹlifíṣọ̀n ṣí sílẹ̀ ò rẹ́ni gbé e.

Mo so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn kó lè máa tẹ ìmọ́lẹ̀ náà dípò tẹlifíṣọ̀n, mo kọ èyí sínú `mpv.conf`, fáìlì ètò mpv tí mo fi ń wo fíìmù:

```
vo=gpu-next
target-colorspace-hint=no
tone-mapping=bt.2390
hdr-compute-peak=yes
target-peak=350
```

Ìlà kẹrin ló ń wọn àwòrán fúnra ẹ̀ bó ṣe ń lọ dípò kó gba ohun tí wọ́n kọ sórí ẹ̀ gbọ́.

Òru méjì gbáko ni mo fi jìyà lẹ́yìn ìyẹn o, torí ṣe ni àwòrán tún burú sí i, ó rí ràkọ̀ràkọ̀ bí aṣọ tó ti ṣá, mo yí nọ́ńbà 350 sí 200, mo yí i sí 600, mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ mo tún un kọ, kò yí padà. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ yọ wáyà. `Use HDR` ni mo gbàgbé ní títàn nínú Windows! Tẹlifíṣọ̀n ṣì wà nínú HDR, láptọ́ọ̀pù tẹ̀ ẹ́ tán, òun náà tún gbà á tún tẹ̀. Mo pa `Use HDR` yẹn, mo gbé iná ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n dé òpin, torí 350 tí mo kọ ò ní jẹ́ òótọ́ bí iná yẹn bá wà nílẹ̀.

Ojú àwọn èèyàn yọ kedere, èmi ni mo sì ṣe é! Oòrùn inú fíìmù náà ò lè ta sójú ju 350 lọ, ìyẹn ò látùn-únṣe lórí tẹlifíṣọ̀n yìí. Ká ní MediaInfo ni mo kọ́kọ́ ṣí ni, ₦25,000 yẹn ì bá ṣì wà lọ́wọ́ mi.